Kí ni àlejò ń fọwọ́ sí lórí fọ́ọ̀mù òtẹ́ẹ̀lì?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní òtẹ́ẹ̀lì, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gba àlejò níwájú, nílùú Ìlọrin, mo kí yín. Gbólóhùn kan ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò, irú èyí tó máa ń wà nísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù kí wọ́n tó fún àlejò ní kọ́kọ́rọ́: “Mo gbà kí òtẹ́ẹ̀lì yìí gba ìwífún mi, kó sì lò ó bó bá ṣe wù ú.”

Ẹ jẹ́ ká mú bàbá kan tó ti Ọ̀fà wá síbi ìgbéyàwó. Ilẹ̀ ti ṣú kó tó dé Tánkẹ̀, ó ti sanwó yàrá, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Ọmọbìnrin tó wà níwájú ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi fọwọ́ síbí.” Bàbá fọwọ́ sí i. Ṣé a lè sọ pé ó gbà? Bó bá kọ̀, kò ní rí ibi sùn. Òfin ìdáàbòbò ìwífún tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ò ka irú èyí sí ìyọ̀ǹda. Ẹni tó bá máa yọ̀ǹda gbọ́dọ̀ lè kọ̀. Àpótí tẹ́ ẹ ti bá a fàmì sí tẹ́lẹ̀ kì í ṣe ìyọ̀ǹda, dídákẹ́ àlejò náà kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Bọ́rọ̀ bá sì di ẹjọ́, ẹ̀yin lẹ máa fi hàn pé ó gbà.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹ ò tiẹ̀ nílò láti bẹ̀ ẹ́ fún orúkọ ẹ̀. Abala 25 òfin náà fi ọ̀nà mìíràn sílẹ̀ yàtọ̀ sí ìyọ̀ǹda: àdéhùn tó wà láàárín yín, ohun tí òfin mìíràn pa láṣẹ, àti ìdí tó mọ́gbọ́n dání tí òtẹ́ẹ̀lì ní. Ẹni tó gba yàrá gbọ́dọ̀ ní orúkọ. Nítorí náà, ẹ sọ fún un ni, ẹ má bi í bóyá ó gbà. Bí mo ṣe máa kọ ọ́ rèé:

“A ń gba orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù yín ká lè mọ ẹni tó gba yàrá, ká sì lè kàn sí yín nípa ẹ̀. A ó wo káàdì ìdánimọ̀ yín, a ó sì kọ irú káàdì náà sílẹ̀. A kò ní ṣe fótókọ́pì rẹ̀. A kì í fi fọ́ọ̀mù yìí han ẹlòmíràn, àfi bí òfin bá pa á láṣẹ. A ó fà á ya lẹ́yìn oṣù 3 tí ẹ bá ti lọ. Ẹ lè ní ká fi ohun tí a kọ hàn yín, tàbí ká tún un ṣe. Bí ẹ bá ní ẹ̀sùn, ẹ lè gbé e lọ sọ́dọ̀ NDPC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìdáàbòbò ìwífún.” Lẹ́yìn náà ni orúkọ òtẹ́ẹ̀lì àti àdírẹ́sì ẹ̀.

Ẹ ó rí i pé mi ò ní kẹ́ ẹ ṣe fótókọ́pì. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá orúkọ tó kọ bá ojú ẹ̀ mu, wíwò tó. Ìwé tó ní NIN, ọjọ́ ìbí àti àwòrán èèyàn lórí, tó wà nínú dúrọ́ọ̀ tí kò ní kọ́kọ́rọ́, lè bọ́ sọ́wọ́ olè. Tó bá jẹ́ pé òfin kan ló ní kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀dà, ẹ dárúkọ òfin náà lórí fọ́ọ̀mù. “Ìjọba ló ní ká gbà á” nìkan ò tó.

Oṣù 3 yẹn, àpẹẹrẹ tèmi ni; òfin ọdún 2023 ò dá iye oṣù kan fún òtẹ́ẹ̀lì, ohun tó sọ ni pé kẹ́ ẹ má tọ́jú ìwífún ju bó ti yẹ lọ. Mo mú oṣù 3 torí pé ìjà lórí owó tàbí ẹrù tó sọnù máa ń tètè yọjú. Ìwé ìṣirò owó yàtọ̀: òfin ilé-iṣẹ́ ti ọdún 2020 ní kí ilé-iṣẹ́ aládàáni tó forúkọ sílẹ̀ tọ́jú tiẹ̀ fún ọdún 6. Àwọn kan á wá fìyẹn ṣe àwáwí láti kó gbogbo fọ́ọ̀mù pa mọ́. Rìsíìtì ló wà nínú ìṣirò. Nọ́ńbà káàdì bàbá Ọ̀fà ò sí níbẹ̀.

Ibi tí ìyọ̀ǹda ti wúlò ni ìpolówó. Ẹ fi àpótí tó ṣófo síbẹ̀, lọ́tọ̀ sí ibi ìfọwọ́sí: “Ẹ lè máa fi ìròyìn ẹ̀dínwó ránṣẹ́ sí mi lórí Wáàsáàpù. Mo lè ní kẹ́ ẹ dáwọ́ dúró nígbàkúùgbà.” Bàbá tó bá fi í sílẹ̀ gba yàrá ẹ̀ náà ni.

Ẹ wá wo orí káńtà yín. Bó bá jẹ́ ìwé ńlá kan lẹ ń ṣí sílẹ̀ kálejò kọ orúkọ ẹ̀ sábẹ́ tẹni tó ṣáájú, ẹni tó dé lálẹ́ yìí á ka orúkọ, fóònù àti nọ́ńbà yàrá ẹni tó ń sùn lókè. Ẹ fún oníkálukú ní bébà tiẹ̀, kẹ́ ẹ sì ti dúrọ́ọ̀ pa.