Ìgò Tó Jẹ̀bi Lọ, Aláìṣẹ̀ Ni Afẹ́fẹ́ Fẹ́ Dànù

[Àwòrán: ìgò ń kọjá lórí bẹ́líìtì, afẹ́fẹ́ fẹ́ ọ̀kan bọ́ sínú àpótí.]

Ẹ wo ìgò tí afẹ́fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ dànù yẹn. Ẹ mú un lọ́wọ́, kí ẹ yí i po. Lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ dúró gbọn-in, ìdérí rẹ̀ wà lórí rẹ̀, bákóòdù rẹ̀ mọ́ kedere. Kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Ìgò tó wà níwájú rẹ̀ ni kò ní lébẹ́ẹ̀lì, òun sì ti bá àwọn yòókù wọ inú páálí.

Kámẹ́rà kò purọ́ o. Ó rí ìgò tó bàjẹ́ náà, ó sì sọ ọ́ bó ṣe rí. PLC, kọ̀ǹpútà tó ń darí ìlà, ló gbé ẹjọ́ náà ka orí ẹlòmíràn. Ohun tí a fẹ́ wò lónìí nìyẹn: báwo ni a ṣe máa ṣe é tí ìdájọ́ kámẹ́rà àti ti ẹ̀rọ tó ń ka bákóòdù yóò fi bá ìgò tó ni ín dé ibi tí a ti ń lé e jáde, nígbà tí ìlà kò dúró de ẹnikẹ́ni.

Ìlà tí a máa lò fún àpẹẹrẹ ń gbé ìgò 300 kọjá ní ìṣẹ́jú kan. Ìyẹn jẹ́ márùn-ún ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti orí ìgò kan dé èkejì jẹ́ mìlímítà 120, bẹ́líìtì sì ń sáré mìlímítà 600 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí ẹ bá ṣírò rẹ̀, mìlísẹ́kọ́ǹdù 200 péré ló wà láàárín ìgò kan àti èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹ fi nọ́ńbà yẹn sọ́kàn.

[Àwòrán: ìlà láti òkè. Ojú iná, kámẹ́rà, ẹ̀rọ bákóòdù, lẹ́yìn náà ẹnu afẹ́fẹ́ níwájú.]

Ojú iná kan wà ní ẹ̀gbẹ́ bẹ́líìtì. Bí etí ìgò bá ti gé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, kámẹ́rà ya àwòrán láti apá ọ̀tún, ẹ̀rọ bákóòdù sì kà láti apá òsì. Waya ojú iná yìí lọ tààrà sọ́dọ̀ kámẹ́rà, ẹ̀rọ bákóòdù àti PLC. A kò jẹ́ kí PLC kọ́kọ́ gbọ́ kó tó wá sọ fún kámẹ́rà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, torí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè yára lónìí kó falẹ̀ lọ́la, ìgò kò sì ní dúró síbi kan náà nínú gbogbo àwòrán.

Ẹnu afẹ́fẹ́ tó ń lé ìgò jáde wà níwájú. Láti ìgbà tí ojú iná bá rí etí ìgò títí àárín ìgò náà yóò fi dọ́gba pẹ̀lú ẹnu afẹ́fẹ́, bẹ́líìtì gbọ́dọ̀ rìn mìlímítà 900. Ìrìn ìṣẹ́jú àáyá kan ààbọ̀ nìyẹn. Nítorí náà, nígbàkúgbà tí ìlà bá ń sáré, ìgò méje tàbí mẹ́jọ ló wà lójú ọ̀nà láàárín kámẹ́rà àti afẹ́fẹ́, oníkálukú pẹ̀lú ẹjọ́ tirẹ̀.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Kámẹ́rà kì í lo iye àkókò kan náà fún gbogbo ìgò. Ká ní ó sábà máa ń parí iṣẹ́ láàárín mìlísẹ́kọ́ǹdù 70. Àmọ́ tí lébẹ́ẹ̀lì bá ṣẹ́ po, tàbí tí kò sí rárá, ó máa ń wá etí rẹ̀ káàkiri, ó sì lè pẹ́ tó 240. Ẹ rántí pé 200 ni ìgò tó ń bọ̀ fi jìnnà. Ìdájọ́ ìgò 41 wá dé nígbà tí ìgò 42 ti dúró níwájú ojú iná. Tí ètò inú PLC bá jẹ́ irú èyí tó ń sọ pé “ìdájọ́ tó bá wọlé jẹ́ ti ìgò tí mo rí kẹ́yìn”, 42 ló máa jìyà 41. Ẹ sì kíyè sí i: àwọn ìgò tó bàjẹ́ gan-an ló ń jẹ́ kí kámẹ́rà pẹ́. Àṣìṣe yìí kì í ṣe àwọn ìgò tó dára léṣe lásán, àwọn tó yẹ kí a mú ló ń tú sílẹ̀.

Àwọn kan á ní kí a to ìdájọ́ sórí ìlà bí wọ́n ṣe ń wọlé: ti àkọ́kọ́ fún ìgò àkọ́kọ́, ti èkejì fún èkejì. Ó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì tún léwu jù ú lọ. Nígbà tí 42 dé, kámẹ́rà ṣì ń wo àwòrán 41. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ni kì í gba àṣẹ tuntun lákòókò bẹ́ẹ̀, wọ́n á kàn fò ó. Ìgò méjì kọjá, ìdájọ́ kan ló jáde. Láti ìgbà náà lọ, 42 gba ti 43, 43 gba ti 44, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ títí ẹnì kan yóò fi dá ìlà dúró.

Ẹ lè fi ohun tó wà nínú àpótí mọ ìyàtọ̀ àrùn méjèèjì. Tí ìgò tó dára bá ń yọjú níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìdájọ́ ló ń pẹ́. Tí ó bá jẹ́ pé láti àkókò kan lọ, kò sí ìgò kan tó jẹ̀bi nínú àpótí mọ́, tí gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ aládùúgbò ẹni tó jẹ̀bi, ètò ti yẹ̀ ní ẹsẹ̀ kan. Iye tí ẹ̀rọ ń kọ sílẹ̀ pé òun lé jáde kò ní fi hàn, torí iye yẹn máa ń péye.

Ohun tó ń tán án ni kí ìgò kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, kí kámẹ́rà sì dárúkọ nọ́ńbà yẹn nígbà tó bá ń dájọ́. PLC á ti fi nọ́ńbà ìgò tó ń bọ̀ ṣọwọ́ sí kámẹ́rà kí ìgò náà tó dé. Kámẹ́rà á dá a padà pẹ̀lú ìdájọ́. Nínú PLC, a ní àtẹ oní yàrá 32, tó ju ìgò mẹ́jọ tó wà lójú ọ̀nà lọ dáadáa.

[Àwòrán: ètò náà lójú kọ̀ǹpútà.]

```
IF OjuInaEdge THEN
  Nom := (Nom + 1) MOD 32;
  Igo[Nom].Aye := Enc;
  Igo[Nom].KamDara := FALSE;
  Igo[Nom].KoduDara := FALSE;
END_IF;
IF KamID <> KamIDTele THEN
  Igo[KamID].KamDara := KamPass;
  KamIDTele := KamID;
END_IF;
```

`Enc` ni ohun tí ẹ̀nkódà tó so mọ́ bẹ́líìtì ń kà, mìlímítà kan fún ìkà kan. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ tẹjú mọ́ ni àwọn `FALSE` méjèèjì. Gbogbo ìgò ló wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́ṣẹ̀. Àyàfi tí kámẹ́rà bá sọ pé ó dára, tí ẹ̀rọ bákóòdù sì sọ pé ó dára, ni yóò kọjá. Tí kámẹ́rà bá fo 42, yàrá ìgò 42 á wà ní `FALSE`, a ó lé e jáde, 43 á sì gba ti ara rẹ̀. Tí waya kámẹ́rà bá já, gbogbo ìgò ló máa bọ́ sínú àpótí. Ó ń dunni lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn ló máa rí i lójú ẹsẹ̀.

Ti bákóòdù ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ẹ̀rọ náà ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, fún àpẹẹrẹ `5901234123457`. Gbogbo ìgò orí ìlà yìí ló ní kóòdù kan náà. Báwo wá ni PLC ṣe máa mọ̀ pé èyí tó wà níwájú òun jẹ́ tuntun, kì í ṣe èyí tó ṣẹ́kù láti orí ìgò àná? Kò lè mọ̀ láti inú ọ̀rọ̀ náà. Nítorí náà, ẹ máa fi nọ́ńbà tó ń yí padà mọ ìkàwé tuntun, bí a ti fi `KamID` ṣe. Ẹ má gbára lé àmì tó ń tàn fírí kó tó kú, torí PLC lè máà wo ibẹ̀ lásìkò tó tàn.

Kíkà nìkan kò sì tó. Lébẹ́ẹ̀lì ọjà mìíràn tó ṣẹ́kù lórí rọ́ọ̀lù máa ń kà geere. Ẹ fi odindi ọ̀rọ̀ náà wé kóòdù iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́. Tí gbogbo ìgò bá wá ń jẹ̀bi láti òwúrọ̀ ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ tan ètò náà, ẹ wo gígùn ọ̀rọ̀ tó wọlé. Tí ó bá jẹ́ 14 dípò 13, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀rọ náà ti so àmì ìparí `CR` mọ́ ìdí ọ̀rọ̀. Ojú kò rí i, ṣùgbọ́n PLC rí i.

[Àwòrán: fáàfù àti ẹnu afẹ́fẹ́, ní ìfalẹ̀.]

Ó ku ká fẹ́ ìgò dànù. Gbogbo ìwọ̀n tí a ti ń lò jẹ́ mìlímítà, ìdí nìyẹn tí bẹ́líìtì fi lè falẹ̀ tàbí dúró láìba nǹkan jẹ́. Fáàfù nìkan ni kò mọ mìlímítà. Láti ìgbà tí PLC bá ti pàṣẹ títí afẹ́fẹ́ yóò fi kan ìgò, àkókò kan ń lọ. Ká ní ó jẹ́ mìlísẹ́kọ́ǹdù 30: ìgò ti rìn mìlímítà 18. Torí náà, a gbọ́dọ̀ pàṣẹ ṣáájú:

```
Enc - Aye >= 900 - v * t
```

`v` ni ìyára bẹ́líìtì ní mìlímítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, `t` sì ni ìfalẹ̀ fáàfù ní ìṣẹ́jú àáyá. Ní ìyára 600, àṣẹ á jáde ní 882. Tí wọ́n bá sáré ìlà lọ sí 900, ó gbọ́dọ̀ jáde ní 873. Ẹni tó bá kọ 882 síbẹ̀ bí ẹni kọ orúkọ ara rẹ̀ yóò máa rí i pé afẹ́fẹ́ ń kan ẹ̀yìn ìgò ní gbàrà tí ìlà bá yára. Ẹ fi fóònù tó lè ya fídíò ní àwòrán 240 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ya iná kékeré tó wà lórí fáàfù pẹ̀lú ìgò náà. Àwòrán kan jẹ́ bíi mìlísẹ́kọ́ǹdù 4. Ẹ ka iye tó wà láàárín ìgbà tí iná tàn àti ìgbà tí ìgò mira. PLC fúnra rẹ̀ náà ní ìfalẹ̀ tirẹ̀: tí ó bá ń gba mìlísẹ́kọ́ǹdù 10 láti ka ètò rẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan, àṣìṣe tó tó mìlímítà 6 lè wọlé. Ìgò tó fẹ̀ tó 60 á gbà á. Tí ìlà yín bá yára jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ lo ẹnu ìwọlé yíyára tó ń gba ìkà ẹ̀nkódà sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀ tí ojú iná bá gé.

Ẹ fi ojú iná kejì sí ìtòsí ẹnu afẹ́fẹ́. Ẹnì kan lè fọwọ́ mú ìgò kan kúrò lójú ọ̀nà, tàbí kí ìgò yọ̀ sẹ́yìn. Tí ìgò kan bá yọjú níbi tí àtẹ kò retí ẹnikẹ́ni, ẹ lé e jáde. Ẹ fi ẹ̀kẹta sí ẹ̀yìn afẹ́fẹ́: tí ẹni tí a dá lẹ́bi bá tún kọjá níbẹ̀, ẹ dá ìlà dúró, nítorí ó ṣeé ṣe kí agbára afẹ́fẹ́ ti lọ sílẹ̀.

Kí ẹ tó gbé ìlà fún àwọn tó máa lò ó, ẹ to ìgò mẹ́ta tẹ̀ léra: dáadáa, èyí tí kò ní lébẹ́ẹ̀lì, dáadáa. Ẹ fi báírò kọ nọ́ńbà sí wọn lára. Ẹ ran wọn lọ ní ìyára kékeré, lẹ́yìn náà ní ìyára tó ga jù, lẹ́yìn náà kí ẹ dá bẹ́líìtì dúró nígbà tí wọ́n wà láàárín, kí ẹ sì tún tan án. Àárín nìkan ló gbọ́dọ̀ wà nínú àpótí nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àyàfi tí kámẹ́rà bá fo ẹ̀kẹta ní ìyára tó ga jù: nígbà náà, ẹ̀kẹta náà á bá a bọ́ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, bí ìlà ti ń sáré, ẹ yọ waya nẹ́tíwọ́ọ̀kì kámẹ́rà, kí ẹ ka ìgò márùn-ún, kí ẹ dá a padà. Tí gbogbo ìgò tó kọjá kámẹ́rà lásìkò yẹn bá bọ́ sínú àpótí, tí ìgò àkọ́kọ́ tí kámẹ́rà dájọ́ rẹ̀ lẹ́yìn tó padà bọ̀ sípò sì kọjá fúnra rẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni tẹ bọ́tìnnì kankan, ẹ lè ti ilẹ̀kùn àpótí iná.