Oṣù Mẹ́fà Àkọ́kọ́ Lẹ́nu Iṣẹ́: Fọ́ọ̀mù Tí Ẹ Kì í Rí

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ sọ ní Ìjẹ̀bú Òde, mo tún un kọ fún àwọn tí kò lè wá)

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọmọ wa. Mo rí i pé àwọn kan ti Ìpẹru wá, àwọn kan ti Ṣàgámù, ṣùgbọ́n ará Ìjẹ̀bú Òde níbí ló pọ̀ jù. Wọ́n ní kí n sọ bí ènìyàn ṣe lè ṣe é tí wọn yóò fi kọ́nfáàmù rẹ̀, ìyẹn ni pé kí wọ́n sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ gidi, tí purobéṣọ̀n, àkókò tí wọ́n fi ń dán òṣìṣẹ́ tuntun wò, bá parí. Ó pẹ́ tí mo ti ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aládàáni, mo sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti máa ń bàjẹ́. Fọ́ọ̀mù kan wà tí ọ̀gá yín ń kọ nípa yín. Ọ̀pọ̀ yín kò ní rí i rárá. Òun ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí.

Kí n tó dé ibẹ̀, ẹ ka lẹ́tà tí wọ́n fi gbà yín síṣẹ́. Ní ilé iṣẹ́ aládàáni, purobéṣọ̀n sábà máa ń jẹ́ oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà. Ní iṣẹ́ ìjọba, ọdún méjì ni. Ẹ wò ó bóyá lẹ́tà náà sọ pé wọ́n lè fi oṣù kún un. Ẹ tún wo iye ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ fún yín kí wọ́n tó ní kí ẹ máa lọ. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fi agbára ara ṣiṣẹ́ àti àwọn akọ̀wé pé, bí iṣẹ́ kò bá tíì ju oṣù mẹ́ta lọ, ìkìlọ̀ ọjọ́ kan ló tó. Tó bá ju oṣù mẹ́ta lọ tí kò tó ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ kan ni. Lẹ́tà yín lè fún yín jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ kà á. Mo ti rí ẹni tó ń sunkún ní géètì nítorí ohun tí ó ti fọwọ́ sí ní oṣù márùn-ún sẹ́yìn.

Ó yá, fọ́ọ̀mù náà. Kò sí idán nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ ń béèrè bóyá ọmọ náà ń tètè dé, bóyá iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, bóyá òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbọ́ ara wọn yé, bóyá ó ń pa òfin ààbò mọ́. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni àpótí mẹ́ta wà: kọ́nfáàmù, fi àkókò kún un, dá a dúró. Ọ̀gá yín yóò kọ ọ́ ní bíi ọ̀sẹ̀ méjì sí ọjọ́ ìparí. Òun náà ní iṣẹ́ tirẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ dí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láìpẹ́ àti ohun tó bí i nínú ni yóò rántí. Tí kò bá rántí nǹkan kan, yóò kọ “kò burú”. Ẹ má rò pé “kò burú” dára o. Òun gan-an ló ń gbé ènìyàn lọ sí àpótí kejì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọbìnrin kan fún yín. Akọ̀wé sítọ́ọ̀ ni ní ilé iṣẹ́ kan ní agbègbè Ṣàgámù, oṣù mẹ́fà ni purobéṣọ̀n rẹ̀. Ẹrù kọ̀ọ̀kan ní káàdì tí wọ́n ń kọ ìwọlé àti ìjáde rẹ̀ sí. Ní oṣù kejì, wọ́n ka ìdérí ìgò. Káàdì ní páálí 240 ló wà nílẹ̀, 228 ni wọ́n bá. Páálí 12 ti pòórá. Ọ̀gá rẹ̀ kò pariwo, ó kàn kọ ọ́ sínú ìwé tirẹ̀. Ọmọbìnrin náà rò pé ó ti kọjá lọ.

Nígbà tó di oṣù kẹta, ó lọ bá ọ̀gá náà. Ó ní: “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá ní kí ẹ kọ fọ́ọ̀mù mi lónìí, kí ni ẹ máa kọ tí kò ní dùn mọ́ mi nínú?” Mo fẹ́ràn ìbéèrè yẹn gan-an. Kò béèrè bóyá òun ń ṣe dáadáa, nítorí “ò ń gbìyànjú” ni ọ̀gá ìbá sọ, tí yóò sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ọ̀gá wá dárúkọ páálí 12 yẹn.

Kò bẹ̀bẹ̀. Ó kó gbogbo ìwé pélébé tí wọ́n fi ń gba ẹrù jáde, ó fi wé káàdì lọ́jọ́ọjọ́. Ó rí i pé ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ti kó páálí mẹ́fà mẹ́fà, tí wọ́n fi ìwé wọn sábẹ́ lẹ́jà lórí tábìlì, tí ẹnikẹ́ni kò sì kọ ọ́ sí káàdì láàárọ̀. Olè kọ́ rárá. Ó bá wá àpótí kékeré tó ní títì, ibẹ̀ ni ìwé alẹ́ ń wọ̀. Láàárọ̀, kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn, yóò kọ wọ́n sí káàdì. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, yóò ka irú ẹrù márùn-ún fúnra rẹ̀, kò tún dúró de òpin oṣù. Ó kọ ọjọ́ àti iye sí ìwé kékeré kan, ó sì ń fi han ọ̀gá.

Ní oṣù kẹrin, páálí méjì péré ló dín, òun fúnra rẹ̀ ló sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé omi wọ inú wọn, pé wọ́n wà lápá kan. Ní oṣù karùn-ún, káàdì àti ilẹ̀ bára mu. Àṣìṣe yẹn ni ọ̀gá fi kún àpótí “iṣẹ́ rẹ̀ mọ́”, ó ní ọmọ yìí rí ibi tí ọ̀nà ti bàjẹ́, ó sì tún un ṣe. Wọ́n kọ́nfáàmù rẹ̀. Àmọ́ kí n sọ òótọ́: tí ilé iṣẹ́ bá ti pinnu láti dín òṣìṣẹ́ kù, ìwé kékeré kankan kò lè dí i lọ́wọ́.

Ọmọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ dára ju ti ọmọbìnrin yẹn lọ. Ìjẹ̀bú ni, ẹ ti mọ ibi tí mo ń lọ. Ojúde Ọba a máa bọ́ sí ọjọ́ kẹta Iléyá, ọlidé ìjọba kì í sì í sábà dé ibẹ̀. Ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ lẹ́nu pé òun fẹ́ bá rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ òun jáde. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú, kí ó lọ. Kò sí ìwé. Nígbà tó yá, wọ́n gbé ọ̀gá yẹn lọ sí ẹ̀ka mìíràn. Ìwé tí òṣìṣẹ́ ń fọwọ́ sí láràárọ̀ tí wọ́n bá dé nìkan ni ọ̀gá tuntun bá, ó kọ “ó pa iṣẹ́ jẹ láìgba àṣẹ”. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi kún purobéṣọ̀n rẹ̀. Kò sí ẹni tó ní kí ẹ má lọ gẹṣin lọ́dọ̀ Awùjalẹ̀. Ẹ kọ ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí ọ̀gá fọwọ́ sí i, kí ẹ sì pa ẹ̀dà kan mọ́ sílé.

Ọmọ kan béèrè lẹ́yìn ìpàdé pé: “Mọ̀mí, bí oṣù mẹ́fà bá pé tí ẹnikẹ́ni kò bá mi sọ nǹkan kan ńkọ́?” Mo ní kí ó má jẹ́ kó pé kó tó béèrè. Nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ó fi ìwé ṣókí ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀ àti ọ́fíìsì òṣìṣẹ́, kí ó kọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí purobéṣọ̀n yóò parí, kí ó sì béèrè ọjọ́ tí wọn yóò ṣe àyẹ̀wò rẹ̀. Bí ilé iṣẹ́ bá dákẹ́ tí owó oṣù sì ń wọlé, ilé ẹjọ́ ti gbà nígbà mìíràn pé ìwà agbanisíṣẹ́ fi hàn pé ó ti kọ́nfáàmù ẹni náà. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ a máa pẹ́, owó lọ́yà ò sì kéré. Ìwé ṣókí yẹn, kò ju ìlà mẹ́rin lọ.