Bí lógò ṣe ń dúró jẹ́ẹ́: kífírémù nínú DaVinci Resolve

Lógò kan ṣoṣo la ó fi ṣiṣẹ́ lónìí, fún fídíò ìṣáájú tí kò ju ìṣẹ́jú-àáyá 3 lọ. DaVinci Resolve ọ̀fẹ́ la ó lò. Ẹ kọ́kọ́ yan fírémù 25 fún ìṣẹ́jú-àáyá kan nínú Project Settings, torí táìmùláìnì tí nǹkan ti wọ̀ kì í gbà kéèyàn yí i padà mọ́. Fídíò wa yóò jẹ́ fírémù 75. Àwọ̀ ẹ̀yìn wà lórí Video 1, lógò wà lórí Video 2, ní PNG tí kò ní àwọ̀ kankan lẹ́yìn. Bí ẹ bá gbé JPG síbẹ̀, àpótí funfun ló máa bá lógò yín wọlé.

Kífírémù ni àmì tó ń sọ bí nǹkan ṣe gbọ́dọ̀ rí ní fírémù kan pàtó. Sọfitíwia fúnra rẹ̀ ló ń ṣírò ohun tó wà láàárín àmì méjì. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bẹ̀rẹ̀ láti àmì àkọ́kọ́. Ọ̀nà tèmi ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti èyí tó kẹ́yìn, torí ibi tí lógò máa dúró sí nìkan la mọ̀ dájú. Ẹ gbé ìlà pupa orí táìmùláìnì sí fírémù 15, ẹ ṣí Inspector, kí ẹ tẹ dáyámọ́ńdì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Zoom ní 1.000 àti ti Opacity ní 100. Ẹ wá padà sí fírémù 0, ẹ sọ Zoom di 0.800, ẹ sọ Opacity di 0. Dáyámọ́ńdì tuntun á yọ fúnra rẹ̀.

Ẹ wò ó báyìí. Lógò ń tóbi, ó sì dúró gbì bí ẹni forí sọ ògiri. Ìdí ni pé ó ń fi nǹkan bí 0.013 tóbi ní fírémù kọ̀ọ̀kan, láìdínkù, títí ó fi dé fírémù 15. Ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ kífírémù Zoom tó kẹ́yìn, kí ẹ yan Ease In. Ó yẹ kó sáré níbẹ̀rẹ̀, kó wá rọra gúnlẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ìbẹ̀rẹ̀ ló ti ń fà, tó sì ṣì ń dúró gbì, kífírémù mìíràn lẹ tẹ̀.

Nígbà mìíràn, lógò á máa yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bó ṣe ń tóbi, bẹ́ẹ̀ ẹ ò fọwọ́ kan Position. PNG yẹn ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò. Àárín àwòrán ni Zoom ti ń fẹ̀ ẹ́, bí àyè òfìfo bá sì pọ̀ lápá kan ju èkejì lọ, àárín àwòrán kì í ṣe àárín lógò. Ẹ gé àyè òfìfo náà kúrò, kí ẹ tún gbé e wọlé.

Bó bá ta gìrì lójijì, ẹ ti yí Zoom padà nígbà tí ìlà pupa wà ní fírémù 14 tàbí 16, kífírémù kẹta sì ti yọ síbẹ̀. Ẹ pa á rẹ́. Ọfà kékeré ẹ̀gbẹ́ dáyámọ́ńdì ni kí ẹ máa fi lọ láti àmì kan sí èkejì.

Bí lógò ṣe máa parẹ́ níparí fídíò kò nílò kífírémù. Lórí táìmùláìnì, ẹ fa igun òkè lápá ọ̀tún kílíìpù lógò náà sí òsì, ní ìwọ̀n fírémù 10.