Ta Ló Ni Ín? Bí A Ṣe Ń To Ìwé Ìyọ̀ǹda Kí Fíìmù Tó Jáde

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin olùṣe fíìmù. Ìgbà tí ẹ bá ti ní gígé àkọ́kọ́ lọ́wọ́ ni iṣẹ́ yìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ jókòó ti fíìmù náà tòun ti bébà àti bírò, ẹ pa ohùn rẹ̀, kí ẹ wo àwòrán nìkan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Lẹ́yìn náà, ẹ yí ojú kúrò, ẹ kàn máa gbọ́ ọ. Bí ẹ bá ṣe méjèèjì pọ̀, orin á gba ọkàn yín, ẹ ò sì ní rí fọ́tò tó wà lára ògiri. Ohunkóhun tí kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ṣe é, ẹ kọ ìgbà tó yọjú àti ìgbà tó kúrò sílẹ̀, ní ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ̀tọ́ kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ fún ní ìlà tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ìran kan. Ilé ọtí kan ni, n'Íbàdàn. Rekọ́ọ̀dù tó jáde lọ́dún 1974 ń lọ lábẹ́lẹ̀, àwòrán kan kọ́ sára ògiri lẹ́yìn oníbàárà, fíìmù wá bọ́ sínú ìròyìn tẹlifíṣàn àtijọ́, níbi tí ẹnì kan ti ń fi ẹnu kọ orin ẹlòmíì, fún 20 ìṣẹ́jú àáyá. Nǹkan mẹ́ta lójú rí. Ìlà márùn-ún ló máa jẹ́ lórí bébà.

Rekọ́ọ̀dù yẹn nìkan gba ìlà méjì. Ẹni tó kọ orin sílẹ̀ ló ni ọ̀rọ̀ àti ohùn orin. Ẹni tó náwó gbà á sílẹ̀ ló sábà máa ń ni rekọ́ọ̀dù. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ Nàìjíríà ti 2022, ẹ̀tọ́ lórí rekọ́ọ̀dù máa ń parí lẹ́yìn 50 ọdún, láti ìparí ọdún tó kọ́kọ́ jáde. Ti 1974 yìí parí pẹ̀lú ọdún 2024. Ibẹ̀ làwọn kan ti máa ń yọ̀ láyọ̀jù. Ẹ̀tọ́ ẹni tó kọ orin sílẹ̀ ń bá a lọ fún 70 ọdún lẹ́yìn ọdún tó kú. Bó bá kú lọ́dún 1990, orin náà ṣì ní olówó títí di ìparí 2060, àwọn àrólé rẹ̀ lẹ sì máa bá sọ̀rọ̀. Òfin Nàìjíríà nìyẹn o. Bí fíìmù bá máa jáde sílùú mìíràn, ẹ tún un kà lábẹ́ òfin ibẹ̀.

Ká ní rekọ́ọ̀dù 1994 ni, ẹ̀yin àti oníhun méjèèjì lẹ jọ máa dúnàádúrà. Ẹ wo ìwé àdéhùn dáadáa: ọ̀pọ̀ wọn máa ń fi sí i pé owó àwọn kò gbọ́dọ̀ kéré sí ti ẹnì kejì. Bí ẹ bá ti fún àwọn àrólé ní ₦200,000, tí onírekọ́ọ̀dù wá gba ₦300,000, ẹ jẹ àwọn àrólé ní ₦100,000 sí i. Nítorí náà, ẹ béèrè iye lọ́wọ́ méjèèjì kí ẹ tó fọwọ́ sí ti ẹnikẹ́ni.

Ìròyìn àtijọ́ ni ìlà kẹta. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn lè yọ̀ǹda àwòrán tó yà, àmọ́ kò lè yọ̀ǹda orin ẹlòmíì tó ń dún nínú rẹ̀. Orin yẹn ni ìlà kẹrin. Ẹ tún béèrè iye tó kéré jù tí wọ́n ń tà: ilé àkójọ míì kì í ta ohun tó dín ní 30 ìṣẹ́jú àáyá, bí ẹ bá tiẹ̀ lo 20 péré.

Àwòrán ara ògiri ni ìlà karùn-ún. Ẹni tó ra àwòrán ra kánfáàsì. Ẹ̀tọ́ àtidà á kọ ṣì wà lọ́wọ́ ayàwòrán, àyàfi tó bá ti kọ ọ́ fúnni. Nítorí náà, ìyọ̀ǹda onílé ọtí kò tó. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé e pé kò pẹ́ lójú. Nínú ẹjọ́ ayàwòrán Faith Ringgold ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi pósítà iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ọ̀ṣọ́ sínú eré tẹlifíṣàn kan. Ó yọjú nígbà mẹ́sàn-án, gbogbo rẹ̀ kò pé 27 ìṣẹ́jú àáyá. Lọ́dún 1997, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kọ̀ láti gbà pé ó kéré jù láti ka sí. Bí ẹ kò bá tíì ya fíìmù tán, ẹ yáa yí àwòrán náà kọjú sí ògiri.

Ní iwájú ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ oníhun, iye owó, ibi tí ìyọ̀ǹda dé, ọ̀nà tí a lè gbà fi hàn, àti ọjọ́ tó máa parí. Ìyọ̀ǹda ti àjọ̀dún fíìmù nìkan dínwó, ṣùgbọ́n kò kan orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ iye ti íńtánẹ́ẹ̀tì sínú ìwé kan náà kí fíìmù tó lókìkí, torí lẹ́yìn ìyẹn owó á gòkè.

Ìlà tó bá ṣófo lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ ti gígé pa, ẹ yọ ohun tó wà níbẹ̀. Ti àwòrán rọrùn, ẹ lè sọ ọ́ di bàìbàì. Rekọ́ọ̀dù ilé ọtí yẹn ló le: bó bá ń dún nígbà tí àwọn òṣèré ń sọ̀rọ̀, orin àti ọ̀rọ̀ ti wọnú ara wọn lórí máìkì kan náà. Àfi kí ẹ pe àwọn òṣèré padà wá tún ọ̀rọ̀ wọn sọ ní sítúdíò.