Àgbà Kì Í Wà Lọ́jà

Ẹ kú àtijọ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Bí ẹ bá ń gbọ́ ariwo lẹ́yìn mi, Ìtòkú ni mo wà, ní Abẹ́òkúta, nínú ṣọ́ọ̀bù màámi, láàárín ìdì àdìrẹ. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo délé. Ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi láti ọdún méjì sẹ́yìn, ohun tí mo rí lánàá ló sì jẹ́ kí ó yé mi.

Obìnrin kan wá ra àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Ó pọn ọmọ, ọmọ náà kò lè ju oṣù méjì lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń tú aṣọ wò, òun àti màámi ń ná an. Oorun ti gbé ọmọ lọ, orí rẹ̀ sì ti yẹ̀ kúrò lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyá àgbà kan tó ń kọjá dúró. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbé orí ọmọ náà padà sí àárín, ó fa etí ọ̀já sókè dé ìpàkọ́ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Obìnrin yẹn ní, "Ẹ ṣé, mà." Kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Gbólóhùn tó tẹ̀ lé e ni pé kí màámi yọ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà kúrò nínú owó aṣọ.

Èmi jókòó síbẹ̀, mo di aṣọ tí mò ń ká mú, n kò lè ká a mọ́.

Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mò ń ṣe lókè òkun. Níbi tí Yorùbá kan bá ti fẹ́ bá òyìnbó sọ̀rọ̀ tí èdè wọn kò pàdé, wọ́n á pè mí. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, wọ́n pè mí sí ilé ìwé kan. Ìyá àgbà kan ló wá síbẹ̀, ọmọ Ẹ̀gbá bíi tèmi. Kì í ṣe ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló tìtorí rẹ̀ wá. Ọmọ aládùúgbò kan ni, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lù níbi tí wọ́n ti ń dúró de bọ́ọ̀sì. Olùkọ́ àgbà bi ìyá pé báwo ni ọ̀rọ̀ ọmọ náà ṣe kàn án. Ìyá ní, "Ẹ kò mọ̀ pé àgbà kì í wà lọ́jà..." Ó dákẹ́ síbẹ̀, ó wojú mi.

Bí àwọn àgbà ṣe ń pa òwe nìyẹn. Ààbọ̀ ni wọ́n ń sọ, ẹni tó gbọ́ ni yóò parí rẹ̀ nínú ara rẹ̀. Olùkọ́ àgbà kò ní ààbọ̀ kejì, ni mo bá parí rẹ̀ fún un: kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo tú u ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ọjà ní ọjà, orí ní orí. Olùkọ́ àgbà náà gbé bírò. Ó ní ọmọ tuntun wo? Ọjà wo? Ṣé ọmọ náà fara pa lọ́rùn? Ó ti kọ ìlà kan sílẹ̀, torí pé níbẹ̀, bí wọ́n bá gbọ́ pé nǹkan ṣe ọmọ ọwọ́, wọn kì í fi í ṣeré.

Àyà mi já, mo sáré bọ́ sí òdìkejì. Mo ní ohun tí ìyá ń sọ ni pé kò yẹ kí àgbàlagbà máa wòran bí ọmọdé bá wà nínú ewu. Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara ni. Ṣùgbọ́n ojú olùkọ́ àgbà yí padà. Ó ní àwọn kò wòran o, àwọn ti ń ṣe nǹkan sí i. Ó gbà pé ìyá ń bá òun wí. Bẹ́ẹ̀ ìyá kò bá ẹnikẹ́ni wí, ìbéèrè tí wọ́n bi í ló dáhùn. Wọ́n ní kí ló kàn án, ó ní mo wà níbẹ̀, mo sì dàgbà.

Mo jẹ́wọ́ fún olùkọ́ àgbà pé èmi ni mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà lódì, ó fa igi lé ìlà yẹn, wọ́n sì tẹ́tí sí ẹjọ́ ọmọ náà. Ṣùgbọ́n ó dùn mí. Mo rò pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé òyìnbó kò mọ ọmọ pípọ̀n. Irọ́ ni. Wọ́n ní ọjà, àwọn ìyá mìíràn nínú wọn sì ń so ọmọ mọ́ra lónìí. Ohun tí wọn kò ní ni ọwọ́ àjèjì lórí ọmọ ọlọ́mọ láìtọrọ àyè. Lọ́dọ̀ wọn, ọwọ́ yẹn gan-an ni yóò di ẹjọ́. Àwòrán òwe náà dé ọ̀dọ̀ wọn, òfin tó wà nídìí rẹ̀ ni kò dé.

Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá ti bá irú èyí pàdé. Ajayi Crowther dé Abẹ́òkúta yìí ní 1846, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì jà fitafita pẹ̀lú ohun tí kò sí nílẹ̀ wa. Ẹ wo Aísáyà 1:18. Wọ́n sọ ohun funfun tó ń bọ́ lójú ọ̀run lọ́hùn-ún ní òjò dídì, wọ́n sì fi àlàárì, aṣọ tiwa, rọ́pò àwọ̀ pupa tó wà níbẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ títẹ̀lé ọ̀rọ̀, èkejì jẹ́ pípààrọ̀ rẹ̀, méjèèjì sì ṣiṣẹ́, torí pé ẹsẹ náà fúnra rẹ̀ ti sọ pé èyí fún, èyí pọ́n.

Ẹ wá lọ sí Òwe 26:1. Ó ní bí òjò dídì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àti bí òjò nígbà ìkórè, bẹ́ẹ̀ ni ọlá kò yẹ aṣiwèrè. Òjò dídì tí a kò rí rí kò ṣe ibi kankan níbẹ̀, a mọ̀ pé ohun àjèjì ni. Òjò tí gbogbo wa mọ̀ ló ń da ọ̀rọ̀ rú. Nílẹ̀ Ísírẹ́lì, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń kórè àlìkámà, òjò kò níṣẹ́ níbẹ̀. Mo kà á fún màámi, wọ́n ní, "Kí ló burú nínú òjò ìkórè? Ṣé inú òjò kọ́ la ti ń ya àgbàdo, tí a ti ń wa iṣu tuntun?" Ẹ ò rí i. Ohun tó jọ tiwa ló ń tan ògbufọ̀ jẹ ju ohun tí kò sí rárá lọ.

Bí a bá fẹ́ mọ ibi tó ti bàjẹ́, ìbéèrè tí olùgbọ́ bá béèrè ló ń fi hàn. Bí ó bá ń béèrè nípa ọjà àti ọmọ, àwòrán ti dí i lójú. Bí ó bá ń dáhùn ẹ̀sùn tí ẹnikẹ́ni kò fi kàn án, a ti tú òwe náà kọjá ẹnu ẹni tó pa á.

Lálẹ́ àná, mo ro gbogbo rẹ̀ fún màámi. Wọ́n ń ka owó, wọn kò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ìyá ọmọ kò lójú lẹ́yìn. O kò sọ ìyẹn fún wọn?"

N kò sọ ọ́. Òwe náà kò sọ ọ́, torí pé àwa kò nílò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ìyẹn nìkan ni ohun tí olùkọ́ àgbà ì bá mọ̀ láìjẹ́ Yorùbá. Bí wọ́n bá tún pa òwe yìí níwájú mi lónìí, màá kọ́kọ́ sọ fún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ní èdè méjèèjì, pé òwe ni, kí wọ́n jẹ́ kí n là á díẹ̀, torí pé ògbufọ̀ kò gbọ́dọ̀ dá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀. Lẹ́yìn náà màá ní: Ìyá tó pọn ọmọ kò rí ẹ̀yìn ara rẹ̀. Bí orí ọmọ bá wọ́, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló rí i. Nílé wa, bí ẹni náà bá ti jẹ́ àgbà, òun ni yóò tún un ṣe, ìdí nìyẹn tí mo fi wá.

Gbólóhùn mẹ́ta péré ni. Bó bá jẹ́ níbi ìgbéyàwó ni, tí wọ́n kàn fi òwe dá ọ̀rọ̀ lára, n kò ní ṣe tó bẹ́ẹ̀, ìtumọ̀ ṣókí ti tó. Níbi tí òwe bá ti jẹ́ ìdáhùn fúnra rẹ̀ ni mo ti máa ń là á.

Ṣùgbọ́n ohun kan ṣì kù tí n kò rí ọ̀nà rẹ̀. Bí mo bá là á tán báyìí, ibi tí ìyá dákẹ́ sí kò sí mọ́. Ó gbé ààbọ̀ òwe kalẹ̀, ó wojú mi, ó dá a lójú pé màá mọ ìyókù.