Ìkìlọ̀ Ò Gbọdọ̀ Gbẹ̀yìn: Bí A Ṣe Tún Ìlànà Aró Kọ N'Òṣogbo

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin aláró wa àti ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́. Ìlànà tá a fẹ́ tún kọ lónìí nìyí, gbogbo yín lẹ mọ irú ẹ̀: "Po kọ́sítíìkì mọ́ omi, da aró àti haidiro sí i, rò ó, ki aṣọ bọ̀ ọ́. Ẹ ṣọ́ra, kọ́sítíìkì ń jóni."

Ẹ wò ó, ìkìlọ̀ ló kẹ́yìn! Kí ọmọ iṣẹ́ tó kà á débẹ̀, kọ́sítíìkì ti lè ta sí i lójú. Àti pé "po ó mọ́ omi" yẹn, èwo ló ń wọ inú èwo? Omi tútù la kọ́kọ́ ń bù sínú ike, ká wá máa wọ́n kọ́sítíìkì sí i díẹ̀díẹ̀, torí tẹ́ ẹ bá da omi lé kọ́sítíìkì lórí, ooru ẹ̀ á jáde lẹ́ẹ̀kan náà, á hó, á sì ta síni lára. Nítorí náà báyìí la ṣe máa kọ ọ́:

ÌKÌLỌ̀: Wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti awò tó bo ojú. Má da omi lé kọ́sítíìkì.
1. Bu omi tútù sínú ike.
2. Wọ́n kọ́sítíìkì sí i díẹ̀díẹ̀, máa fi igi rò ó.
YẸ̀ Ẹ́ WÒ: Ṣé ó ti yọ́ tán, tí kò sí hóró nísàlẹ̀? Tí kò bá tíì yọ́, má lọ sí 3, níbi tá a ti ń da aró àti haidiro sí i.

Àwọn kan á ní àwọn ti ń ṣe é tipẹ́, kí ni nọ́ńbà fẹ́ ṣe fáwọn. Kọ́sítọ́mà á dé, ẹ ó lọ dá a lóhùn, tẹ́ ẹ bá padà, ibo lẹ bá iṣẹ́ dé? Nọ́ńbà ló máa sọ fún yín.

Ohun èlò ló ń ṣáájú gbogbo ẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ irú ike tó jẹ́, ẹ má lo kòkò alumí rárá, kọ́sítíìkì á jẹ ẹ́, gáàsì tó ń gbiná á sì máa jáde. Haidiro gbọ́dọ̀ wà nínú agolo gbígbẹ tó ní ìdérí, tí omi díẹ̀ bá kàn án ó lè gbóná títí á fi gbiná fúnra ẹ̀.

Ìyá kan wá béèrè látẹ̀yìn pé, "Tí omi aró bá padà di búlúù lẹ́nu iṣẹ́ ńkọ́, nọ́ńbà wo la máa padà sí?" Ẹ ṣeun mà, ìbéèrè yẹn ló yí gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ padà. Aró tó ti ṣe tán, inú omi ẹ̀ máa ń rí bíi àwọ̀ ewé tó ń pọ́n ni. Tí inú ẹ̀ bá di búlúù, atẹ́gùn ti jẹ haidiro tán. Nítorí náà lẹ́yìn gbogbo aṣọ tá a bá rì, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀: "Fi ṣíbí funfun bù ú wò. Tó bá ti di búlúù, padà sí ibi tá a ti fi haidiro sí i, wọ́n díẹ̀ kún un, dé e, dúró, tún bù ú wò." Kẹ́ ẹ tó rì ojúlówó aṣọ, ẹ fi àkísà dán an wò: ó gbọ́dọ̀ jáde ní àwọ̀ ewé, kó wá di búlúù nínú atẹ́gùn.

Àsìkò ti lọ. Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ fún ọmọ iṣẹ́ tuntun, kó kà á kó máa fi omi lásán ṣe é, ẹ má bá a sọ̀rọ̀. Ibi tó bá ti dúró tó ń wo ojú yín, ẹ fi ìgbésẹ̀ kan kún un níbẹ̀.