Kí ló dé tí tiréèsì fi jẹ́ àròpọ̀ iye áígẹ̀n, tí dìtámínáǹtì sì jẹ́ ìsọdipúpọ̀ wọn?

Ẹ wo mátíríìsì yìí dáadáa. Ẹ má tíì mú kálámù.

```
A = | 4  1 |
    | 2  3 |
```

Àwọn nọ́ńbà tó wà lórí dáyágónà, ìyẹn ìlà tó ti igun òkè lápá òsì dà gẹ̀ẹ̀rẹ̀ sí igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, ni 4 àti 3. Ẹ ro wọ́n pọ̀, ó di 7. Tiréèsì nìyẹn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dìtámínáǹtì ńkọ́? 4 lọ́nà 3, ẹ yọ 1 lọ́nà 2 kúrò níbẹ̀, ó ku 10. Ó yá, nọ́ńbà méjì wo la máa rò pọ̀ tó máa di 7, tí a tún máa sọ di púpọ̀ tó máa di 10? 5 àti 2 ni. Iye áígẹ̀n mátíríìsì yìí nìyẹn, a ò sì tíì kọ nǹkan kan sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ló ti há èyí sórí. Ẹni tó bá há a sórí láìmọ ibi tó ti wá máa ṣì í lò, màá sì fi ibi tí wọ́n ti máa ń ṣì í lò hàn yín láìpẹ́. Mo gbà pé ẹ mọ ohun tí iye áígẹ̀n jẹ́, ẹ sì lè ṣírò dìtámínáǹtì fúnra yín, torí náà n ò ní padà sórí ìyẹn. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ ká dì mú ni pólínómíà yìí:

```
p(x) = det(xI − A)
```

Nọ́ńbà tó bá sọ p(x) di òdo, iye áígẹ̀n ni. Bí mátíríìsì wa bá ní ìlà n àti òpó n, gbòǹgbò n ni p(x) máa ní, a sì lè tú u sí àkámọ́ àkámọ́:

```
p(x) = (x − λ₁)(x − λ₂)…(x − λₙ)
```

λ kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ jẹ́ iye áígẹ̀n kan. Pólínómíà kan náà ni, ọ̀nà méjì la gbà kọ ọ́. Iṣẹ́ wa lónìí ò ju ká kà á lápá òsì, ká kà á lápá ọ̀tún, ká wá fi ohun tá a kà wéra.

Ti dìtámínáǹtì ò le rárá. Ẹ fi òdo sí ipò x. Ní ọ̀nà àkọ́kọ́, ohun tó kù ni det(−A). A ti yí àmì gbogbo ìlà n padà, torí náà ó di (−1)ⁿ lọ́nà det(A). Ní ọ̀nà kejì, àkámọ́ kọ̀ọ̀kan di −λ, gbogbo wọn sì jẹ́ (−1)ⁿ lọ́nà λ₁λ₂…λₙ. Ẹ pa (−1)ⁿ rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ó tán. Dìtámínáǹtì ni ìsọdipúpọ̀ gbogbo iye áígẹ̀n.

Tiréèsì gan-an ló dùn mọ́ mi nínú méjèèjì, ẹ jẹ́ ká rọra ṣe é.

Ẹ wo iye tó wà níwájú xⁿ⁻¹. Láti inú àwọn àkámọ́, kí x tó lè pé n−1, ẹ gbọ́dọ̀ mú x nínú gbogbo àkámọ́ àfi ẹyọ kan, kí ẹ mú −λ nínú ẹyọ tó kù yẹn. Ẹ ṣe é fún àkámọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀: àròpọ̀ iye áígẹ̀n ni, pẹ̀lú àmì ìyọkúrò níwájú.

Nísinsìnyí, apá det(xI − A). Orí dáyágónà nìkan ni x wà níbí: x − a₁₁, x − a₂₂, títí dé x − aₙₙ. Bẹ́ẹ̀, dìtámínáǹtì kì í ṣe dáyágónà nìkan. Ó ń mú nọ́ńbà kan láti ìlà kọ̀ọ̀kan, láìfi méjì sí òpó kan náà, ó ń sọ wọ́n di púpọ̀, ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà tó ṣeé ṣe, ó wá ń ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kálukú pẹ̀lú àmì tiẹ̀. Kí ló wá dé tí àwọn nọ́ńbà tí kò sí lórí dáyágónà ò fi rí ọwọ́ kì bọ xⁿ⁻¹?

Ẹ ro ti dánfó tó kún fọ́fọ́. Táyà jò lójú ọ̀nà, gbogbo èrò bọ́ sílẹ̀, wọ́n tún padà wọlé. Ká ní gbogbo èrò ti padà sí àyè tí wọ́n jókòó sí tẹ́lẹ̀, ó wá ku ẹnì kan. Níbo lẹni yẹn fẹ́ jókòó sí? Àyè kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù, tiẹ̀ náà sì ni! Kó tó lè kúrò ní àyè tiẹ̀, ó di dandan kó gba ti ẹlòmíì, kẹ́ni yẹn náà sì lọ wá ibòmíì jókòó sí. ẸNÌ KAN ṢOṢO Ò LÈ ṢI ÀYÈ JÓKÒÓ. Wọ́n gbọ́dọ̀ tó méjì ó kéré tán.

Ìlà mátíríìsì ni èrò, òpó ni àyè ìjókòó, dáyágónà sì ni pé kí kálukú wà ní àyè tiẹ̀. Bí a bá fi dáyágónà sílẹ̀ ní ibì kan, a máa fi í sílẹ̀ ní ibì kejì pẹ̀lú, ìyẹn ni pé x méjì ti sọnù. Ibi tó ga jù tí irú ìsọdipúpọ̀ bẹ́ẹ̀ lè dé ni xⁿ⁻². Kò lè dé xⁿ⁻¹ láéláé! Nítorí náà, inú (x − a₁₁)(x − a₂₂)…(x − aₙₙ) nìkan ni xⁿ⁻¹ ti ń wá, iye tó sì wà níwájú rẹ̀ ni a₁₁ + a₂₂ + … + aₙₙ, pẹ̀lú àmì ìyọkúrò. Ẹ fi wé ti àkámọ́ ìṣáájú. Tiréèsì ni àròpọ̀ iye áígẹ̀n.

Ẹ dán an wò lórí A: (x − 4)(x − 3) − 2, ó di x² − 7x + 10. Ẹ rí 2 yẹn? Ara 1 àti 2 tí kò sí lórí dáyágónà ló ti wá. Ó sọ 12 di 10, àmọ́ kò fọwọ́ kan 7 rárá.

Ó dáa, ibi tí wọ́n ti máa ń ṣì í nìyí o. Bí mo bá ń máàkì ìwé ìdánwò, mi ò kì í pẹ́ rí i. Akẹ́kọ̀ọ́ á rí mátíríìsì, á sáré fi ìlà kan yọ ìlà kejì títí tí òdo á fi kún abẹ́ dáyágónà, á wá ka dáyágónà yẹn bí ẹni pé iye áígẹ̀n ni. Ẹ jẹ́ ká bá a ṣe é. Ẹ mú ìdajì ìlà kìíní, ẹ yọ ọ́ kúrò lára ìlà kejì:

```
| 4  1   |
| 0  2.5 |
```

4 lọ́nà 2.5, ó di 10. Dìtámínáǹtì wà níbẹ̀ digbí, òun ló sì ń tan ọ̀pọ̀ jẹ. Ẹ wá ro wọ́n pọ̀: 6.5. A ti sọ 7 nù! Iye áígẹ̀n mátíríìsì tuntun yìí ni 4 àti 2.5, kì í ṣe 5 àti 2. Mo tún un sọ: YÍYỌ ÌLÀ LÁRA ÌLÀ Ò PA DÌTÁMÍNÁǸTÌ LÁRA, ÀMỌ́ Ó BA IYE ÁÍGẸ̀N JẸ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é mọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ kí iye áígẹ̀n dúró, ohun tí ẹ bá ṣe sí ìlà, ẹ gbọ́dọ̀ ṣe òdìkejì rẹ̀ sí òpó. A yọ ìdajì ìlà kìíní kúrò lára ìlà kejì. A máa wá fi ìdajì òpó kejì kún òpó kìíní:

```
| 4.5   1   |
| 1.25  2.5 |
```

4.5 àti 2.5, ó di 7. 11.25, ẹ yọ 1.25 kúrò, ó di 10. Gbogbo rẹ̀ padà bọ̀ sípò. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, òdo tá a ń wá ti sá lọ. Ìdí nìyẹn tí wíwá iye áígẹ̀n fi le ju wíwá dìtámínáǹtì lọ.

Ohun tá a ṣe yẹn ni P⁻¹AP: P⁻¹ ló ṣe ti ìlà, P ló ṣe ti òpó. Tiréèsì kì í yí padà níbẹ̀, torí pé tr(AB) = tr(BA). Àròpọ̀ gbogbo aᵢⱼbⱼᵢ ni méjèèjì, èyí tá a kọ́kọ́ kọ nínú a àti b ò sì yí nǹkan kan padà. Torí náà tr(P⁻¹·AP) = tr(AP·P⁻¹) = tr(A). Ẹ kàn má sọ pé tr(AB) jẹ́ tr(A) lọ́nà tr(B) o. Mátíríìsì I onílà méjì ní tiréèsì 2, I lọ́nà I ṣì jẹ́ I, tiréèsì rẹ̀ ṣì jẹ́ 2, kì í ṣe 4.

Ẹ wo èyí wàyí:

```
B = | 2  1  1 |
    | 1  2  1 |
    | 1  1  2 |
```

Ẹnì kan á ṣírò rẹ̀, á ní iye áígẹ̀n rẹ̀ ni 1 àti 4. Ó rò ó pọ̀, ó di 5, bẹ́ẹ̀ tiréèsì jẹ́ 6. Ṣé òfin ló kùnà ni? Rárá o! p(x) ni (x − 1)²(x − 4). Ẹ̀ẹ̀mejì ni 1 fara hàn, ẹ̀ẹ̀mejì náà la sì gbọ́dọ̀ kà á: 1, 1, 4. Nọ́ńbà tó ní i, ìyẹn √−1, nínú náà, ẹ gbọ́dọ̀ kà á mọ́ wọn. Mátíríìsì tó ń yí nǹkan ní igun 90° ní òdo méjì lórí dáyágónà, dìtámínáǹtì rẹ̀ sì jẹ́ 1. Bí ẹ bá ń wá nọ́ńbà gidi, ẹ ò ní rí ìkankan. i àti −i ni: ẹ rò wọ́n pọ̀, òdo; ẹ sọ wọ́n di púpọ̀, 1.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún ẹ̀yin tó ń fi tiréèsì àti dìtámínáǹtì yẹ iṣẹ́ yín wò. Lórí mátíríìsì onílà méjì, bí méjèèjì bá bá a mu, iṣẹ́ yín pé. Lórí onílà mẹ́ta, ẹ rọra o. Ẹ fi B wé C:

```
C = | 2  1  0 |
    | 1  2  1 |
    | 0  1  2 |
```

Tiréèsì C jẹ́ 6, dìtámínáǹtì rẹ̀ jẹ́ 4, bíi ti B gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n iye áígẹ̀n C ni 2, 2 + √2 àti 2 − √2. Iye tó wà níwájú x ní àárín pólínómíà ló ya wọ́n sọ́tọ̀. Láti rí i, ẹ pa ìlà kan àti òpó tó bá nọ́ńbà rẹ̀ mu rẹ́, ẹ ṣírò dìtámínáǹtì onílà méjì tó kù, ẹ ṣe é fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ rò wọ́n pọ̀. Fún B, 3 + 3 + 3, ó di 9. Fún C, 3 + 4 + 3, ó di 10. Nọ́ńbà yìí náà gbọ́dọ̀ bá iye áígẹ̀n yín mu nígbà tí ẹ bá ń sọ wọ́n di púpọ̀ ní méjì méjì, tí ẹ sì ń rò ó pọ̀: 1 lọ́nà 1, 1 lọ́nà 4, 1 lọ́nà 4, ó di 9. B nìyẹn.